Owó ìpín fò kọjá mi lóru: ohun tí mo kọ́ nípa fọ́múlà Black àti Scholes

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́múlà Black àti Scholes ṣírò iye ọ́píṣọ̀n, ìyẹn àdéhùn tó fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ilé iṣẹ́ tàbí láti tà á ní iye tí a ti fẹnu kò sí, mo rò pé mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo lè fi mọ ìgbà tí ọjà bá ń ta nǹkan lọ́wọ̀n-ón jù. Ìrònú yẹn ló kó mi sínú àdánù tí mo fẹ́ sọ fún yín. Mo ti tún un ṣírò lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, n kò sì rí ibi tí mo ti ṣi iye kankan kọ. Àwọn ohun tí fọ́múlà náà gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ kí ìṣírò tó bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fara balẹ̀ wò.

Ẹ̀tọ́ títà, tó jẹ́ irú ọ́píṣọ̀n kan, ni mo tà. Ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ títà lọ́wọ́ yín lè ta ìpín fún yín ní iye tí ẹ ti fẹnu kò sí, kódà bí iye rẹ̀ lọ́jà bá ti já wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tà á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ẹ sì gbé ewu yẹn rù. Fọ́múlà tí a fi ń ṣírò owó náà nìyí:

```
P  = K·e^(-rT)·N(-d2) - S·N(-d1)
d1 = [ln(S/K) + (r + σ²/2)·T] / (σ·√T)
d2 = d1 - σ·√T
```

S ni iye ìpín lónìí, K ni iye àdéhùn, T ni àkókò tó kù tí a fi ọdún kà, r sì ni èlé ọdún kan. Gbogbo wọn ni ojú lè rí, àfi σ. Òun ni ìwọ̀n mímì, ìyẹn bí iye ìpín náà ṣe ń mì sókè sódò tó láàárín ọdún kan. Ẹ ní láti fojú díwọ̀n rẹ̀ fúnra yín. N(x) ni ìṣeéṣe pé nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìpínkiri nọ́mà kò ní ju x lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìpín kan wà ní 100. Ẹ̀tọ́ títà lórí rẹ̀ tí iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ 90, tó ku oṣù kan, ń lọ ní 0.45 lọ́jà. Mo wo bí ìpín náà ṣe ti ń mì láti ọdún kan sẹ́yìn, mo rí i pé σ rẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100. Mo fi èlé sí òdo, mo ṣírò, fọ́múlà sì fún mi ní 0.07. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 0.07 ni wọ́n ń rà ní 0.45! Mo ta 1,000, mo gba 450, mo sì ka nǹkan bí 376 nínú rẹ̀ sí èrè tó ti wọlé ná.

Mo dáàbò bo ara mi gẹ́gẹ́ bí fọ́múlà ṣe wí. Dẹ́ltà ẹ̀tọ́ náà, ìyẹn bí iye rẹ̀ ṣe ń yí padà tó nígbà tí iye ìpín bá yí padà díẹ̀, fi hàn pé kí n yá ìpín 32 tà, kí n sì rà wọ́n padà lẹ́yìn náà láti fi san ohun tí mo yá, kí èrè orí wọn lè dí àdánù orí ẹ̀tọ́ bí iye ìpín bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo tún fi àṣẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà mi pé bí ó bá dé 95, kó yá púpọ̀ sí i tà fún mi. Mo sùn.

Ìròyìn burúkú nípa ilé iṣẹ́ náà jáde lẹ́yìn tí ọjà ti pa. Nígbà tí ọjà ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 88 ni iye àkọ́kọ́ tó jáde. Kò sẹ́ni tó rà tàbí tà ní 95, ní 92 tàbí ní 90. Àṣẹ tí mo fi sílẹ̀ jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n 88 ni wọ́n bá mi tà á, nígbà tí ohun tó fẹ́ bàjẹ́ ti bàjẹ́ tán.

Ibí yìí ló yẹ ká dúró sí. Ìdí tí fọ́múlà náà fi lè sọ iye kan ṣoṣo fún ọ́píṣọ̀n ni pé ó gbà pé ẹ lè máa rà kí ẹ sì máa tà ní gbogbo ìṣẹ́jú, láìsan owó iṣẹ́ kankan, àti pé iye ìpín ń rìn lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ láìfo ibì kankan. Bí ó bá ti 100 sọ̀ kalẹ̀ wá sí 88 bẹ́ẹ̀, ìpín tó yẹ kí n ti yá tà á máa pọ̀ sí i bí a ti ń lọ: 32 ní 100, nǹkan bí 162 ní 95, 489 ní 90, 645 ní 88. Tí mo bá tà wọ́n ní ojú ọ̀nà báyìí, èrè orí wọn á dí púpọ̀ nínú àdánù náà. Nígbà tí owó fò, ojú ọ̀nà yẹn kò sí. Ìpín 32 nìkan ni mo ti yá tà fún gbogbo ìrìn àjò náà, ó sì mú 384 wọlé.

Ohun kejì tún ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yẹn kan náà. Fọ́múlà gbà pé σ kì í yí padà títí ọjọ́ àdéhùn yóò fi pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpín bá já lulẹ̀ báyìí, ẹ̀rù á ba gbogbo èèyàn, wọ́n á sì máa du ẹ̀tọ́ títà rà. Iye tí wọ́n ń rà á lójú mi fi hàn pé σ ti gòkè dé ìdá 40. Ká ní ó dúró ní 20, ẹ̀tọ́ 1,000 tí mo tà ì bá tó nǹkan bí 3,160. Pẹ̀lú 40, ó di 5,080. Mo yọ 450 tí mo gbà àti 384 tí ìpín mú wá, ó ku àdánù 4,246. Ìlọ́po mẹ́sàn-án owó tí mo gbà, ní òru kan.

Mo bi ara mi pé ṣé σ tí mo lò ló fa gbogbo rẹ̀. Bí mo bá fi σ ṣe ìdá 30, fọ́múlà á fún mi ní 0.45 gan-an, ìyẹn ni pé 30 ni ọjà ti ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Dẹ́ltà á sì ní kí n yá 104 tà dípò 32. Èrè orí ìpín ì bá jẹ́ 1,248, àdánù á sì dín sí nǹkan bí 3,380. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfò yẹn ṣì ti gbé mi lulẹ̀. Kò sí σ kan tí ẹ lè fi sínú fọ́múlà yìí tó máa sọ fún un pé owó lè fò. Ní σ ìdá 20, ìwọ̀n mímì ọjọ́ kan jẹ́ 1.26 nínú 100, nítorí náà ìfò 12 ju ìlọ́po mẹ́sàn-án rẹ̀ lọ. Lójú fọ́múlà, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láyé ẹnikẹ́ni nínú wa. Lójú ẹni tó ti wo ìpín fún ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe ohun àjèjì.

Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà jáde kò fi èyí pa mọ́. Ọdún 1973 ni Black àti Scholes tẹ ìwé wọn jáde. Nígbà tó di 1976, Merton, tí òun náà ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ ọ̀hún, ti kọ ìwé mìíràn nípa bí a ṣe lè ṣírò ọ́píṣọ̀n nígbà tí owó bá ń fò. Èmi ni mi ò kà á.

Ọjà fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní 19 oṣù kẹwàá ọdún 1987, nígbà tí àkójọ ìpín Dow Jones ní Amẹ́ríkà já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 22.6 nínú 100 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kan ti ń lo ọgbọ́n fọ́múlà yìí láti dáàbò bo owó wọn: bí ọjà bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni wọ́n ń tà sí i. Fọ́múlà gbà pé títà yín kò lè mi ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn jọ ń tà pa pọ̀, títà wọn dá kún ohun tó ń ti ọjà sísàlẹ̀, ó sì tún mú kí wọ́n tà sí i. Láti ọjọ́ náà ni σ tí ọjà ń lò lórí ọ́píṣọ̀n àkójọ ìpín ti máa ń ga sí i bí iye àdéhùn bá ṣe ń jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ lè rí i fúnra yín: ẹ kó iye ẹ̀tọ́ títà tí ọjọ́ àdéhùn wọn jẹ́ ọ̀kan náà jọ ní 80, 90 àti 100, kí ẹ fi fọ́múlà wá σ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ká ní fọ́múlà bá ọjà mu ni, σ kan náà ló yẹ kí gbogbo wọn fún yín, nítorí ìpín kan náà ni. Ẹ ó rí i pé ti 80 ga ju ti 90 lọ, ti 90 sì ga ju ti 100 lọ. Owó ìfò ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. Òun ni mo pè ní àṣìṣe ọjà, tí mo sì tà.

Mo ṣì ń lo fọ́múlà náà lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi ń yí iye ọjà padà sí σ, kí n lè fi ọ́píṣọ̀n kan wé òmíràn. N kì í fi σ àtẹ̀yìnwá sọ mọ́ pé ọ́píṣọ̀n kan wọ́n jù. Kí n tó ta ohunkóhun, mo máa ń ṣírò ohun tí màá pàdánù bí owó bá fò sísàlẹ̀ pẹ̀lú 5, 12 àti 30 nínú 100 ní òru kan, tí σ sì di ìlọ́po méjì, pẹ̀lú ìpín tí mo ti yá tà ní alẹ́ yẹn nìkan, láìka àṣẹ kankan tó wà lọ́dọ̀ alágbàtà sí ìdáàbòbò.

Bí mo bá ta ẹ̀tọ́ 90, mo tún máa ń ra ti 80. Ká sọ pé 0.10 ni wọ́n ń tà á. Ní 88, kò lè gbà mí tán: ó máa dín àdánù òru yẹn kù pẹ̀lú nǹkan bí 950 nìkan. Ibi tó ti wúlò ni ìfò tó jìnnà. Bí ìpín bá bọ́ sí 70, ẹ̀tọ́ 90 nìkan á ná mi ní 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ pẹ̀lú ti 80 lọ́wọ́, mo mọ̀ pé kò lè kọjá 10. Owó tí mo gbà sì dín kù láti 0.45 sí 0.35. Nítorí náà, bí agbára mi kò bá ju 2,000 lọ, mo pín in fún 10 yẹn: 200 ni mo lè tà, kì í ṣe 1,000. Ohun tó máa wọ àpò mi lórí 200 jẹ́ 70. Lọ́pọ̀ ọjọ́, mo máa ń wo 70 yẹn, màá pa ẹ̀rọ mi, màá sì lọ sùn láìta nǹkan kan.