Ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ hándíkáàpù gọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa tọ́jú hándíkáàpù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìbéèrè kan wà tó máa bá yín láìpẹ́. Ẹnìkan á wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́, á ní: “Bí mo ṣe máa ń gbá náà ni mo gbá lánàá. Kí ló dé tí hándíkáàpù mi fi lọ sókè?” Ẹ má sọ fún un pé kọ̀ńpútà ló ṣe é. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un àfi tẹ́ ẹ bá lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ ká lo káàdì ọkùnrin kan. Índẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tá a ti ń ṣírò hándíkáàpù rẹ̀ ní pápá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 16.7. Ó gbá 95 ní pápá kan tí páà rẹ̀ jẹ́ 72. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo káàdì náà ní ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí 95 yẹn kọ́ la máa lò. Ní pápá yìí, hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 18, ìyẹn ni pé ó ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ihò kan tí páà rẹ̀ jẹ́ 4, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sínú omi, ó sì gbá 9 kó tó parí rẹ̀. Òfin sọ pé iye tó ga jù lọ tá a lè kọ fún ihò kan ni páà rẹ̀, ká fi 2 kún un, ká tún fi ẹyọ tó ní lọ́fẹ̀ẹ́ kún un. 4 àti 2 àti 1 jẹ́ 7. Nítorí náà, 9 di 7, 95 di 93. Ihò burúkú kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ ba àkọsílẹ̀ èèyàn jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi máa fi ẹyọ kún hándíkáàpù ara rẹ̀.

Láti ọdún 2020 tí USGA ti Amẹ́ríkà àti R&A ti Skọ́tílándì ti gbé ìlànà kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo ayé dípò mẹ́fà tó wà tẹ́lẹ̀, bá a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
(113 / Slope Rating) x (Adjusted Gross Score - Course Rating - PCC)
```

Adjusted Gross Score ni iye tó gbá lẹ́yìn tá a ti ṣàtúnṣe ihò kọ̀ọ̀kan, bíi 93 wa yẹn. Course Rating ni iye tí a retí pé ẹni tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ òdo máa gbá ní pápá náà lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára. Slope Rating ń sọ bí pápá náà ṣe le sí i fún agbábọ́ọ̀lù lásán ju bó ṣe le fún ògbóǹtarìgì lọ. Ó ń bẹ láàárín 55 sí 155, 113 ni wọ́n sì mú gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. PCC ni àtúnṣe fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ tàbí òjò mú kí nǹkan le ju bó ṣe yẹ, tàbí tó rọrùn jù. Lọ́jọ́ tá à ń sọ yìí, òdo ni.

Pápá ọkùnrin yìí ní Course Rating 71.2 àti Slope 128. Ẹ yọ 71.2 kúrò nínú 93, ó ku 21.8. Ẹ fi 113 pín sí 128, kẹ́ ẹ fi ohun tó jáde sọ 21.8 di púpọ̀, ẹ máa rí 19.2. Iye yìí là ń pè ní ìyàtọ̀. Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá 88 ní pápá mìíràn tó rọrùn, tí Course Rating rẹ̀ jẹ́ 68.4, tí Slope rẹ̀ sì jẹ́ 113 gan-an. Ìyàtọ̀ tirẹ̀ á jẹ́ 19.6. Ẹni tó gbá 93 ló gbá dáadáa jù. Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn méjèèjì lè wá bára wọn díje láìsí ìrẹ́jẹ, bí wọn ò tiẹ̀ tíì tẹ pápá kan náà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi nípa ibi tí ẹni náà ti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Àmì búlúù àti àmì funfun, kálukú ló ní iye tirẹ̀. Bí àmì funfun ibẹ̀ bá jẹ́ 69.5 àti 122, tẹ́nìkan sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ wọlé dípò búlúù, 93 kan náà á di 21.8 dípò 19.2. Bẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀ tó ta yọ láàárín àwọn yòókù, ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò ṣáájú nìyẹn, kí n tó ronú pé èèyàn ń ṣe màgòmágó.

Ó wá ku índẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìpíndọ́gba gbogbo èsì ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èsì 20 tó kẹ́yìn, 8 tó dára jù la máa ń kó jọ, ká wá pín in sí 8. Mẹ́jọ ti ọkùnrin yìí ni 14.6, 15.3, 16.2, 16.8, 17.1, 17.5, 17.9 àti 18.2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 133.6, ẹ pín in sí 8, ó jẹ́ 16.7. Nínú 20, mẹ́ta péré ló dé 16.7 tàbí tó dára jù ú lọ. Nítorí náà, ohun tí èèyàn lè ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni índẹ́ẹ̀sì ń wọ̀n. Ẹni tó bá ń retí pé òun á máa gbá dé ìwọ̀n índẹ́ẹ̀sì òun lójoojúmọ́ á máa bínú lásán.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè rẹ̀. 14.6 tó jẹ́ èyí tó dára jù lọ ló tún jẹ́ èyí tó pẹ́ jù nínú 20 náà. Bí 19.2 àná ṣe wọlé, 14.6 bọ́ kúrò lórí àkọsílẹ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹsàn-án tẹ́lẹ̀ ni 18.6, òun ló wá bọ́ sínú mẹ́jọ náà. Àpapọ̀ di 137.6, índẹ́ẹ̀sì di 17.2. Èsì àná kò tilẹ̀ wọnú ìṣirò náà. Ọjọ́ rere kan tó ti pẹ́ ló kúrò. Nígbà tẹ́nìkan bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ìlà tó bọ́ kúrò hàn án, kẹ́ ẹ fi èyí tó rọ́pò rẹ̀ hàn án pẹ̀lú.

Ó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgòkè yìí ní òpin. A máa ń fi índẹ́ẹ̀sì tuntun wé èyí tó kéré jù tẹ́ni náà ní láàárín ọjọ́ 365. Tó bá fi ju 3.0 lọ, ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù la máa ń gbà. Ká ní ti ọkùnrin wa lọ láti 16.7 dé 21.7. 3.0 àkọ́kọ́ wọlé gbáko, 2.0 yòókù di 1.0, a ó sì kọ 20.7. Kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 5.0 lọ láéláé. Ìdí ni pé àwọn kan máa ń fi àwọn káàdì burúkú nìkan sílẹ̀ kí hándíkáàpù wọn lè ga ṣáájú ìdíje. Ìdènà kan tún wà ní apá kejì: bí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan bá fi 7.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí índẹ́ẹ̀sì tẹ́ni náà ní lọ́jọ́ yẹn, a ó yọ 1.0 kúrò nínú gbogbo ìyàtọ̀ 20 tó wà lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá tó 10.0, a ó yọ 2.0.

Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kò lè ṣírò káàdì tí kò rí. Ẹni tó fi káàdì márùn-ún tó dára sápò, kò sí ohun tí ìṣirò lè ṣe sí i. Ìgbìmọ̀ ló máa rí i, tí wọ́n bá fi èsì ìdíje rẹ̀ wé èsì tó ń gbá pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Bí ti ìdíje bá ń dára ju ti ọjọ́ lásán lọ léraléra, ẹ mú àkọsílẹ̀ méjèèjì lọ bá alága ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn ọjọ́ tẹ́ni náà forúkọ sílẹ̀ láti gbá àmọ́ tí kò mú káàdì wá.