Afẹ́fẹ́ Tí Kò Mú Òjò Dání

Ọjọ́bọ̀, Kàbà.

Iná ti lọ láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n fóònù mi ṣì kún, ni mo bá jókòó ti ètò ìrìn-àjò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Wọ́n fẹ́ fi ìsinmi wọn nínú oṣù kẹjọ wọ ọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù dé erékùṣù ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, ó sì fi ètò tó kọ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù: Áténì, Mykonos, Naxos, Koufonisia, Santorini. Láti Santorini, wọn yóò wọ ọkọ̀ asáré padà sí Piraeus, èbúté Áténì, lọ́sàn-án, wọn yóò sì wọ báàlù lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Ètò náà dùn ún kà. Ìparí rẹ̀ ni kò gbà mí láyè.

Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú, pè mí bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa, "Ọkun o, ọkun o," wọ́n béèrè bóyá òjò kò ní dá àwọn ọmọ náà dúró. Mo ní ekukáká ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹjọ. Wọ́n ní kí ló wá lè dá ọkọ̀ ńlá dúró nígbà tí òjò kò rọ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí pé àwọn ọmọ náà kò rò ó débẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní mẹlitẹ́mì. Ó máa ń fẹ́ lórí òkun yẹn láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, oṣù keje àti ìkẹjọ ló sì le jù. Bí ọyẹ́ tiwa ni: láti àríwá ló ti ń wá, gbígbẹ ni, ó sì ní àsìkò tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wúwo lórí ilẹ̀ àwọn Bálíkáànì ló ń ya lọ síbi tó ti fúyẹ́ lórí Tọ́kì, òkun àwọn erékùṣù yìí ló sì ń gbà kọjá. Àmọ́ kò ní eruku. Oòrùn á máa ràn, ojú ọ̀run á mọ́ roro, ẹni tó sùn sí etí òkun kò ní rí ohunkóhun tó burú, síbẹ̀ wọ́n ti ti èbúté pa. Ó lè fẹ́ lọ́jọ́ kan kó rọlẹ̀, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan léraléra.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń pinnu pé kí ọkọ̀ má lọ, àwọn aláṣẹ èbúté ni. Òṣùwọ̀n Bófọ́ọ̀tì, tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ni wọ́n ń wò. Ìwọ̀n 7 jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 50 sí 61 ní wákàtí kan, 8 jẹ́ 62 sí 74. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò máa ń fara dà á títí dé agbègbè 8 tàbí 9, bí ọkọ̀ náà àti ojú omi bá ṣe rí. Ọkọ̀ asáré ti máa ń dúró ṣáájú ìyẹn. Ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí erékùṣù kéékèèké bíi Koufonisia náà kì í pẹ́ dúró. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn ọkọ̀ asáré fún ìrìn tó bá ní báàlù níwájú. Wákàtí díẹ̀ tó bá ẹni dín kù, ó lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ padà lọ́wọ́ ẹni bí wọ́n bá dá a dúró.

Mo wá pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo sọ fún un nìyí: ọjọ́ àfipamọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fọ́n ká sáàárín ìrìn-àjò bí ó bá ṣe wuni. Ibi méjì ló yẹ kó wà. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ọkọ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọkọ̀ yìí ní wákàtí tiwọn àti ọjọ́ tiwọn. Láti Piraeus sí Naxos, ọkọ̀ pọ̀ lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan tí wọ́n bá fagi lé lónìí, òmíràn yóò wà lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá ń yà síbẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù ti ọjọ́ Mọ́ńdè lè dúró di Ọjọ́rú. Ibi kejì ni iwájú ohun tí kò ṣeé sún, ìyẹn báàlù.

Mo wá tún ètò náà tò. Mo yọ Mykonos kúrò, ó rojú díẹ̀. Ọjọ́ 1, kí wọ́n sùn ní Áténì. Ọjọ́ 2, ọkọ̀ ńlá láàárọ̀ lọ sí Santorini, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, kí ibi tó jìnnà jù ti kọjá nígbà tí ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú. Ọjọ́ 5, Naxos. Ọjọ́ 7, kí wọ́n fi ẹrù ńlá sílẹ̀ ní Naxos, kí wọ́n lọ sùn ní Koufonisia, kí wọ́n padà ní ọjọ́ 8. Ọjọ́ 9, ọkọ̀ ńlá sí Piraeus, bíi wákàtí márùn-ún, kí wọ́n sùn lẹ́ẹ̀mejì ní Áténì. Báàlù di ọjọ́ 11.

Ẹ jẹ́ ká fi afẹ́fẹ́ dán an wò. Bó bá fẹ́ ní ọjọ́ 2, wọ́n pàdánù òru kan ní Santorini, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ká wọn mọ́ Koufonisia ní ọjọ́ 8, wọ́n padà sí Naxos ní ọjọ́ 9, wọ́n wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ 10, báàlù ṣì wà níbẹ̀. Bó bá lè gba ọjọ́ méjì léraléra, ọ̀rọ̀ ti di wàhálà. Torí náà, ní alẹ́ ọjọ́ 6, kí wọ́n wo àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ lórí Windy tàbí ibòmíràn. Bí ó bá fi 7 hàn fún ọjọ́ 8 àti 9, kí wọ́n gbàgbé Koufonisia, kí wọ́n jókòó sí Naxos. Àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣeé gbára lé. Ti ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè fi orúkọ mi dúró fún un.

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. "Ẹ má bínú, mà, bí ọkọ̀ kò bá lọ, ṣé wọn kò ní san owó hòtẹ́ẹ̀lì wa?" Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà lórí ìyẹn, ti 1177/2010. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ńjìnnì ló bàjẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè ní láti san tó 80 yúrò fún òru kan, òru mẹ́ta ló pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ló mú kí ewu wà lórí omi, wọn kò ní san ti hòtẹ́ẹ̀lì. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ọkọ̀ mìíràn ni ẹ lè gbà. Mo ní kí wọ́n wá hòtẹ́ẹ̀lì tó gbà kí wọ́n fagi lé e láìsan nǹkan, pàápàá ní Santorini.

Ọ̀rọ̀ fíìsà náà wà níbẹ̀. Òru méjì Áténì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò tí wọn yóò fi tọrọ fíìsà. Déètì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tó máa wà lára rẹ̀ lè fẹ̀ ju ọjọ́ ìrìn wọn lọ, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n lè lò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbà, àfi pé òun ṣì fẹ́ ọkọ̀ asáré láti Naxos. Mo ní tí ó bá gba tèmi, ọkọ̀ ńlá ni. A jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ rà fún wọn ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì Naxos sí Piraeus, torí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún Màríà níbẹ̀, gbogbo Gíríìsì ló ń lọ sí erékùṣù tí wọ́n sì ń padà. Bí wọ́n bá tú èbúté sílẹ̀ lẹ́yìn afẹ́fẹ́ lásìkò yẹn, gbogbo ẹni tó há ló ń wá ààyè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tún béèrè nọ́ńbà fóònù tí wọn yóò máa lò níbẹ̀, torí orí rẹ̀ ni ìkéde pé ọkọ̀ kò lọ máa ń wọlé sí. Ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ lọ́la.