Ewé Kẹta Ń Tiro

"Ewé kẹta yìí ń tiro." Màmá tó máa ń bá wa ká ìwé ìròyìn àdúgbò ló sọ ọ́. Èmi kọ́ ló ń bá wí o. Ẹnìkejì rẹ̀ ló sọ ọ́ fún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ká ìwé wọn lọ. Èmi tí mo to ewé náà, tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ni ọ̀rọ̀ gún lára.

Mo délé, mo fọ aṣọ, mo jẹun. Ó ń tiro, ó ń tiro.

Ohun tó dùn mí ni pé mo wọn gbogbo rẹ̀. Ìwé A4 fẹ̀ ní mílímítà 210. Mo yọ 15 lápá òsì, mo yọ 15 lápá ọ̀tún, ó ku 180. Òpó ọ̀rọ̀ mẹ́ta, àlàfo méjì láàárín wọn, 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: òpó kan wá jẹ́ 56 géérégé. Èwo ló wá ń tiro níbẹ̀? Bóyá ojú Màmá ni kò ríran dáadáa mọ́.

Lálẹ́, inú mi ò gbà á, mo gbé rúlà dábùú ewé náà. Ó yẹ kí ìlà ọ̀rọ̀ inú òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí rúlà kan náà. Ti òpó kìíní jókòó. Ti ìkejì wọlẹ̀ díẹ̀. Ti ìkẹta, áà, ó ti wọlẹ̀ ju ìdajì ìlà lọ.

Àkọlé kéékèèké ló fà á. Láti ìlà ọ̀rọ̀ kan sí èkejì jẹ́ 14 ní pọ́ìntì, ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn lẹ́tà. Àkọlé fúnra rẹ̀ gba 20, mo fi àyè 16 sókè rẹ̀, 10 sísàlẹ̀, ó di 46. Ìlà mẹ́ta sì rèé, 42 ni. Àkọlé kan ṣoṣo ti fi pọ́ìntì 4 ti ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Òpó kìíní ò ní àkọlé, ìkejì ní ẹyọ kan, ìkẹta ní méjì. Ẹ ṣírò ó. Mo sọ 10 yẹn di 6, inú ìlànà àkọlé lórí kọ̀ǹpútà ni mo ti yí i, gbogbo wọn sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. N ò ní fi Enter wá àyè mọ́ láé.

Màmá ríran ju èmi lọ. Ó tún ń bí mi nínú ṣá.

Ewé kẹrin náà ní tirẹ̀. Àwòrán ga ní 150, àyè 6, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ìlà méjì, 20: ó di 176, ìlà méjìlá sì jẹ́ 168. Mo gé pọ́ìntì 8 kúrò nínú koríko ìsàlẹ̀ àwòrán, kò kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán bá wá di ìlà mẹ́ta lọ́la ńkọ́…

Mo fa àwọn ti oṣù tó kọjá yọ, mo gbé rúlà lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń tiro. Ta ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín tí n kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.