Nígbà tí òfin méjì bá fún ṣáfùtì kan ní ìwọ̀n ààbò méjì

Òfin Tresca àti ti von Mises la fi ń mọ̀ bóyá irin máa bà jẹ́ lábẹ́ ẹrù. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sábà máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo ni ká tẹ̀ lé?" Ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi ni pé kéèyàn kọ́kọ́ wo iye mílímítà tó wà láàárín òfin méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáfùtì kan tí kò ní ihò nínú, tí ìdábùú rẹ̀, d, jẹ́ 40 mm. Irin rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń fà dáadáa kó tó já. Tí a bá fà á kọjá 350 MPa, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Iye yìí là ń pè ní Sy. Ẹrù ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 500 N·m, ìyẹn M, mọ́tò sì ń lọ́ ọ pẹ̀lú 1000 N·m, ìyẹn T. σ ni ìnira tí ìtẹ̀ mú wá, τ sì ni ti ìlọ́.

```
σ = 32M/(πd³) = 79.6 MPa
τ = 16T/(πd³) = 79.6 MPa
```

Tresca ní ìnira tó ń gé irin ló ń bà á jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì Sy. Ní ti von Mises, agbára tó ń yí ìrísí irin padà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe èyí tó kàn ń mú un tóbi tàbí kéré sí i. n ni ìwọ̀n ààbò tí òfin kọ̀ọ̀kan fún wa.

```
Tresca:    n = Sy/√(σ²+4τ²) = 350/177.9 = 1.97
von Mises: n = Sy/√(σ²+3τ²) = 350/159.2 = 2.20
```

Tó bá jẹ́ pé 2 la fẹ́, ọ̀kan yege, èkejì kò yege. Ṣùgbọ́n d³ ló wà nínú ìṣirò náà. Kí ìwọ̀n ààbò tó lè jẹ́ 2 gẹ́lẹ́, Tresca ń béèrè 40.2 mm, von Mises ń béèrè 38.8 mm. Gbogbo àríyànjiyàn náà kò tó 1.5 mm!

Ẹ tún pín n ti von Mises fún ti Tresca. Tó bá jẹ́ ìtẹ̀ nìkan, 1 ni yóò jẹ́. Tó bá jẹ́ ìlọ́ nìkan, 1.155. Tiwa jẹ́ 1.12. Tí ẹ bá rí iye tó jáde kúrò láàárín méjèèjì yìí, àṣìṣe wà níbì kan nínú ìṣirò yín.

Èmi a máa lo von Mises tí mo bá ní èsì ìdánwò irin náà lọ́wọ́, tí ẹrù rẹ̀ sì dá mi lójú, torí òun ni ìdánwò irú irin yìí sún mọ́ jù. Tí Sy bá jẹ́ àfojúdá, Tresca ni mo máa ń lò.

Síbẹ̀, tí ṣáfùtì náà bá ń yí lábẹ́ ẹrù tó dúró sójú kan, ibi tí ìtẹ̀ ń fà lára rẹ̀ ni yóò máa fún pọ̀ lẹ́yìn ìlàjì ìyípo. Àárẹ̀ irin lè dá a láti ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ fún kíì, bí n tilẹ̀ jẹ́ 2.20. Ìṣirò ti àárẹ̀ yẹn, ọ̀tọ̀ ni.