Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ìránnilétí Dé Ọwọ́ Aláìsàn

Èmi ni mò ń mójú tó ìwé tí a ń kọ ọjọ́ àdéhùn àwọn aláìsàn sí ní klíníkì eyín aládàáni kan ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Àwọn aláìsàn wa kì í ṣe ará Ìlọrin nìkan; àwọn kan ń ti Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán wá. Bí ẹnì kan tí a ti yan wákàtí kan fún kò bá yọjú, àga dókítà yóò ṣófo títí wákàtí náà yóò fi kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn wà nílé tí eyín ń dùn, tí ìbá ti gba àyè náà bí ó bá tètè gbọ́. Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìránnilétí ń ṣe, àkókò tí ó dára fún ọ̀kan kò sì dára fún èkejì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mú kí ẹni tí kò ní lè wá tètè sọ. Iṣẹ́ kejì ni láti má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ wá gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ àdéhùn nìkan ni a ránṣẹ́, ẹni tí kò lè wá yóò dá wa lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni a fẹ́ pè láti Òmù-Àrán ní alẹ́ pé kí ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ mélòó kan ṣáájú nìkan ni, ẹni tí ó ti fèsì pé òun ń bọ̀ lè gbàgbé pátápátá kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ Alhaja kan tí a fẹ́ tọ́jú gbòǹgbò eyín fún ní Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀. Ní ọjọ́ tí a yan àkókò fún un gan-an ni a ti kọ ọ́ sí i lórí Wáàsáàpù, kí ó sì tó kúrò níwájú wa ni a ti ní kí ó fi nọ́ńbà klíníkì pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán: bí a bá fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí áàpù Wáàsáàpù, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà wa pamọ́. Ní Ọjọ́ Ajé, nǹkan bí aago 10 àárọ̀, a ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí Wáàsáàpù bóyá ó ń bọ̀, kí ó fi 1 dáhùn bí ó bá ń bọ̀, tàbí 2 bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a kò gbọ́ nǹkan kan, a ó pè é. Bí ó bá sọ pé òun kò lè wá, ọ̀sán Ìṣẹ́gun sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ṣì tó fún wa láti wá ẹlòmíràn nínú àwọn tí wọ́n ń dúró de àyè. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nǹkan bí aago 5, ni àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wá tẹ̀lé e, èyí tí kò béèrè nǹkan kan ju pé kí ó rántí.

Ìdí tí ìbéèrè fi wà lórí Wáàsáàpù ni pé orúkọ klíníkì ni ó máa ń hàn gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ń rà lọ́pọ̀, ènìyàn kò sì lè fèsì sí orúkọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé kí aláìsàn fi 1 tàbí 2 dáhùn, tí wọ́n sì ń kà á sí àìbìkítà pé ẹnikẹ́ni kò fèsì. Bí ẹ bá fẹ́ èsì láti ibẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí wọn yóò pè. Ní ti ìméèlì, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti olùkọ́ yunifásítì ni mo ń lò ó fún, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí ọjọ́ àdéhùn ṣì jìnnà. Fáìlì `.ics` tí a so mọ́ ọn máa ń gbé àdéhùn náà sínú kàlẹ́ńdà wọn. N kì í fi ìméèlì rán ẹnikẹ́ni létí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ “ọ̀la” yìí gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ. Bí fóònù bá kú nítorí pé kò sí iná, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í sọnù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni yóò wà títí fóònù yóò fi padà tàn. Bí a bá kọ “ọ̀la ni a ń retí yín” ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí fóònù Alhaja kò sì tàn títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni yóò wá bá wa, inú yóò sì bí i pé a ní kò wá lánàá. Nítorí náà, ọjọ́ àti déètì ni kí ẹ máa kọ. Àwọn tí ń ta àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa ń fúnni láyè láti yan iye wákàtí tí iṣẹ́ fi lè dúró kí ó tó kú; ẹ yàn án kí ó má lè kọjá wákàtí àdéhùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ DND pẹ̀lú, ìyẹn ètò tí a fi ń dí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹni tí ó bá ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kò ní í rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó gba ọ̀nà ìpolówó, ìránnilétí tí ó bá gba ọ̀nà kan náà yóò sì bá a lọ. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á fún yín pé ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ẹ ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe ìpolówó, kí ó fún yín ní ọ̀nà tí ó tọ́ sí i.

Ohun kan wà tí ó ń dun èmi tí mo fẹ́ràn èdè wa: ẹ, ọ àti ṣ máa ń sọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó lè gba àmì 160 di èyí tí kò gbà ju 70 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí: “Alhaja, Ojobo 14/8 aago 10 aaro ni a n reti yin ni kliniki eyin, Tanke. E pe wa bi aye ko ba gba yin.” Bí mo bá fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni n ó san. Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ irú ìtọ́jú tí ó ń bọ̀ wá gbà, nítorí àwọn ọmọ ilé a máa gbé fóònù ìyá wọn.

Ní Ìlọrin, ẹ má ṣe fi àdéhùn tàbí ìránnilétí sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nígbà ìrun Jímọ̀. Nínú Ramadan, àkókò ìṣínu náà kò dára, ìbéèrè nípa àdéhùn tí ó bá bọ́ sínú ààwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ sún un síwájú.

Ní òpin oṣù, mo máa ń kọ ìdí síwájú orúkọ olúkúlùkù ẹni tí kò wá: bóyá iṣẹ́ wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá ó dé ṣùgbọ́n kò fèsì, tàbí bóyá ó sọ pé òun ń bọ̀ tí kò sì wá. Bí èyí tí kò dé bá pọ̀, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ ni kí a tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí kò fèsì ni wọ́n pọ̀, a ó yí wákàtí ìbéèrè padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìkẹta yẹn, owó ọkọ̀ tàbí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni ó sábà máa ń dá wọn dúró, n kì í sì fi kún iye ìránnilétí tí mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn; nọ́ọ̀sì ni mo máa ń ní kí ó pè wọ́n.