Ẹ má jẹ́ kí aago ìlà ìdúró yín máa kà lóru

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́, tí àyè yín kì í tó èèyàn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Kíláàsì ti kún, orúkọ ṣì ń wọlé, ẹ ó wá ní kí àwọn tó kù wà lórí ìlà ìdúró. Bí ẹnì kan bá ní òun ò wá mọ́, áàpù tí mo ń lò á fúnra rẹ̀ fi àyè náà lọ ẹni tó kàn. Á fi àtẹ̀jíṣẹ́ àti líǹkì ìsanwó ránṣẹ́ sí i, á fún un ní wákàtí méjì, bí kò bá san án, á kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Ètò náà dára, mi ò sì ní torí ọ̀rọ̀ yìí padà sí ìwé àti bírò. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì ń dùn mí wọra.

Ogún maṣíìnì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Alágbàká, torí náà ogún èèyàn ni mo lè kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kíláàsì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní 9:40, ọmọbìnrin kan fagi lé tirẹ̀ torí pé ó ríṣẹ́ sí ìlú Oǹdó. Lójú ẹsẹ̀, áàpù fi àyè náà lọ ìyá kan tó ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, òun ló wà níwájú lórí ìlà. Ní 11:40, wákàtí méjì rẹ̀ pé. Àyè kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì títí di 1:40, sọ́dọ̀ ẹnì kẹta títí di 3:40, sọ́dọ̀ ẹnì kẹrin títí di 5:40. Ẹnì karùn-ún jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jí kírun àsúbà. Ó rí i, ó sanwó, àyè sì tán. Èèyàn mẹ́rin ti pàdánù àyè kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú oorun ni gbogbo wọn sì wà.

N ò tíì gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀ Jímọ̀ nígbà tí ìyá Ọ̀bà-Ilé wọlé. Wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò wọn láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Ìgbà tó gba iná sí i nínú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò láàárọ̀ ló rí àtẹ̀jíṣẹ́, kò sì dúró jẹun kó tó wọ ọkọ̀. Ó to owó sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Sísọ́ọ̀sì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì yọ ọ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á.

Ó ní, "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé àyè ti ṣí. Owó yín rèé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó tẹ líǹkì náà níṣojú mi. Ohun tó jáde ni `Offer expired`. Ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Mo sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá bi mí pé, "Ṣé sísùn tí mo sùn lóru ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Èmi kọ́ ni mo ṣáájú ni?" Òun ló ṣáájú lóòótọ́. Kíláàsì tó kọjá náà kún mọ́ ọn lójú. N kò lè gba àyè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti sanwó lọ́nà ẹ̀tọ́, n kò sì ní maṣíìnì kọkànlélógún. Bó ṣe ń ka owó rẹ̀ padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò wojú mi, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Orúkọ rẹ̀ ti wọ kíláàsì tó ń bọ̀ báyìí, ẹni tó ń bójú tó áàpù sì ti tún ètò rẹ̀ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kí aago má kà lóru. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan wákàtí nínú áàpù yín, kí ẹ sé e láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè lọ lóru, ẹni tó bá jí lè san án lóru, ṣùgbọ́n wákàtí méjì rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí, ìyá yẹn ì bá ní títí di aago mẹ́wàá àárọ̀ Jímọ̀, owó rẹ̀ ì bá sì bá a. Bí kò bá tiẹ̀ san án, láti mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, èèyàn mẹ́fà ló ṣì lè kàn ní méjì-méjì kí Sátidé tó mọ́. Àwọn kan ti ní ṣebí mo lè máa pe àwọn tó wà lórí ìlà lórí fóònù. Mo ń kọ́ ogún èèyàn lójúmọ́, èmi náà sì ń sùn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ra áàpù.

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa pẹ̀lú. Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ẹnì kẹta kò rí nǹkan kan títí di òní. Ó ti fi DND sórí láìnì rẹ̀, èyí tí à ń fi 2442 ṣe, bí wọ́n bá sì fi ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ránṣẹ́ sírú láìnì bẹ́ẹ̀, kì í wọlé. Síbẹ̀ `Sent` ni áàpù kọ síwájú orúkọ rẹ̀. `Sent` túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín ni, `Delivered` lẹ ń wá. Bí kò bá sí `Delivered`, kí aago má bẹ̀rẹ̀ sí kà, kí áàpù pe yín láti fi ọ̀nà mìíràn kàn sí onítọ̀hún. Ẹni tí kò gbọ́ kò kọ̀, torí náà ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú ìlà.

Tiransífáà náà ní tirẹ̀. Èèyàn lè fowó ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kí àléètì wọlé lẹ́yìn tí àkókò ti tán. Ohun tí mo ń ṣe ni pé bí ẹnì kan bá ti tẹ ibi ìsanwó, áàpù á di àyè mú fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i kó tó kàn sí ẹlòmíràn. Bí owó bá tún pẹ́ ju ìyẹn lọ, tí àyè sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tó kàn, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dá owó ti àkọ́kọ́ padà, kí ẹ fi í síwájú fún àyè tó bá tún ṣí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn méjì á jókòó ti maṣíìnì kan.

Ibi tí ètò yìí kò dé ni alẹ́ tó ṣáájú kíláàsì. Bí àyè bá ṣí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Jímọ̀, tí kíláàsì jẹ́ mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, kò sí wákàtí ojúmọmọ tó tó fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pa áàpù, kí n fi ọwọ́ ara mi pe ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí ìlà ní aago méje àárọ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e nínú wọn, maṣíìnì yẹn á ṣófo di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.