Èrè Tí A Ti Kà Kí Owó Tó Dé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Gbèsè Tí Kò Dájú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìṣirò owó, ìbéèrè kan wà tí oníṣòwò kan yóò bi yín láìpẹ́, ó sì sàn kí ẹ ti mọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Alhaja kan tí ó ń ta pépà fún àwọn ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni ó kọ́kọ́ bi mí, ní ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́. Mo gbé ìwé èrè àti àdánù ọdún náà síwájú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ìlà kan, ó ní: "Akáńtà, owó mi tí àwọn èèyàn kò tíì san, ẹ tún wá yọ ọ́ kúrò nínú èrè mi. Ṣé kí n pàdánù lẹ́ẹ̀mejì ni?" Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, n kò rí èsì gidi kan fún un.

Ọjọ́ tí a ta ọjà ni èsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Alhaja bá já rímù pépà sí ilé ìtẹ̀wé kan láwìn, tí a sì kọ ínfọ́ìsì ₦400,000, a kì í dúró de owó kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti tajà. Ọjọ́ náà gan-an ni a ti ka ₦400,000 mọ́ iye ọjà tí a tà lọ́dún, tí a sì kọ orúkọ oníbàárà náà sínú ìwé àwọn tí wọ́n jẹ wá lówó. Bí ó bá jẹ́ pé ₦340,000 ni Alhaja fúnra rẹ̀ ra pépà náà, ₦60,000 ti wọ inú èrè rẹ̀ lórí ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kò tíì wọ báńkì. Bí oníbàárà náà kò bá wá sanwó mọ́, ₦60,000 yẹn kì í ṣe èrè, ₦340,000 tí a fi ra ọjà sì ti bá a lọ, nítorí náà gbogbo ₦400,000 ni yóò jáde kúrò nínú èrè tí a ti kà. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé Alhaja yóò ní láti ta ọjà tí ó lé ní ₦2,600,000 mìíràn, kí owó rẹ̀ sì wọlé, kí èrè orí rẹ̀ tó lè dí ihò ínfọ́ìsì kan ṣoṣo yìí.

Kí ló dé tí a kò fi dúró títí onígbèsè yóò fi sá lọ pátápátá? Ìdí ni pé ọdún tí a ka ọjà náà sí ni ó yẹ kí ó ru àdánù rẹ̀ pẹ̀lú, àti pé iye tí a retí pé yóò wọlé ni ó yẹ kí a pe gbèsè náà ní ìparí ọdún. Òfin ìṣirò tí à ń pè ní IFRS 9, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2018, tún mú un le sí i: kí àmì àìsan tó hàn rárá ni a ti gbọ́dọ̀ fojú díwọ̀n apá tí ó ṣeé ṣe kó má wọlé. Ìdíwọ̀n yìí ni àwa oníṣirò ń pè ní pròfíṣọ̀n. A máa ń sọ pé a "ya owó sọ́tọ̀," ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ń ṣi àwọn oníṣòwò lọ́nà, nítorí kò sí owó kankan tí a kó sínú àpótí. Orí ìwé lásán ni a ti dín iye gbèsè kù.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ, gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ Alhaja jẹ́ ₦24,000,000. A tò ó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ínfọ́ìsì. ₦12,000,000 kò tíì ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, a sì díwọ̀n rẹ̀ ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe ₦120,000. ₦6,000,000 ti wọ oṣù kejì, ní ìdá mẹ́ta, ₦180,000. ₦3,000,000 wà nínú oṣù kẹta, ní ìdá mẹ́wàá, ₦300,000. ₦1,000,000 ti kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́, a gba ìdá ogójì, ₦400,000. ₦2,000,000 tí ó kù, ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà. Ó ti ti ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ pa, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ jáde, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé mọ́, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni a kà sí ohun tí kò ní wọlé. Àpapọ̀ jẹ́ ₦3,000,000. Ẹ má ṣe rò pé a kàn já àwọn ìdá wọ̀nyí láti ojú ọ̀run: a padà sí ínfọ́ìsì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a wo àwọn tí wọ́n dé oṣù kẹta láìsan, a sì ka iye owó wọn tí kò wọlé títí dòní.

Ibí yìí ni mo ti ṣàṣìṣe. Èrè kí a tó yọ gbèsè jẹ́ ₦7,200,000. Mo yọ ₦3,000,000 kúrò, mo kọ ₦4,200,000. Ọ̀gá mi wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní: "Ọdún tó kọjá ńkọ́?" Mo ti gbàgbé pé pròfíṣọ̀n ₦1,100,000 ti wà nínú ìwé láti ọdún tó ṣáájú, tí ó sì ti dín èrè ọdún náà kù nígbà náà. Ohun tí ó fi lé sí i nìkan ni ó kan èrè ọdún yìí: ₦1,900,000. Èrè tí ó tọ́ ni ₦5,300,000, gbèsè sì jókòó sí ìwé ìparí ọdún ní ₦21,000,000. Lóòótọ́ ni mo fẹ́ jẹ́ kí Alhaja pàdánù lẹ́ẹ̀mejì. Bí pròfíṣọ̀n ọdún tuntun bá kéré sí ti àtijọ́, ìyàtọ̀ yẹn yóò padà sínú èrè ni.

Ní ọdún kejì a pa gbèsè onílé ìtẹ̀wé náà rẹ́ kúrò nínú ìwé: dẹ́bíìtì sí pròfíṣọ̀n ₦2,000,000, kírẹ́dìtì sí àkáǹtì rẹ̀. Èrè kò yí padà rárá, nítorí ọdún tó ti kọjá ni a ti ru ẹrù yẹn. Bí ẹ bá rí i tí pípa gbèsè rẹ́ tún já sínú èrè, ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti gbàgbé pròfíṣọ̀n tí ó wà nílẹ̀. Ti owó-orí sì yàtọ̀: iye tí a díwọ̀n lápapọ̀ láìdárúkọ onígbèsè, àwọn agbowó-orí máa ń dá a padà sórí èrè kí wọ́n tó ṣírò tiwọn.

Ohun tí ó sábà máa ń ba ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ orí jẹ́ ni owó ìdajì-ìdajì. Oníbàárà san ₦150,000, kò sọ ínfọ́ìsì tí ó ń san fún, akọ̀wé wa sì kàn jù ú sórí àkáǹtì rẹ̀ láìso ó mọ́ ọ̀kankan. Ínfọ́ìsì àtijọ́ yóò wá máa dàgbà bí ẹni pé a kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀, owó náà yóò sì máa jókòó sínú oṣù tuntun bí ìyọkúrò, gbèsè oṣù yẹn yóò wá kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Mo máa ń gbé ìwé báńkì oṣù Ṣẹẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé gbèsè, kí n lè rí àwọn tí wọ́n ti sanwó lẹ́yìn ìparí ọdún kí n tó fọwọ́ sí ìdíwọ̀n kankan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìndínlógún, onílé ìtẹ̀wé náà ránṣẹ́ láti ibi tí ó kó lọ, ó sì san ₦500,000. Gbèsè rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́, nítorí náà inú èrè ọdún tí ó sanwó ni a kọ ọ́ sí. Alhaja fi ìka tẹ ìlà náà, ó rẹ́rìn-ín: "Èyí náà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Àwa ni, Mà."